Báwo ni a ṣe ń fa ìlà ìbísí onílọ́po, àti pé kí ni ìlà náà lè sọ fún wa?

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń jà káàkiri ayé, àwọn ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n kò yéé gbé irú gíráàfù kan jáde: àwọn àmì kéékèèké tó dúró fún iye àwọn tó ti kó àrùn náà, àti ìlà kan tó gba àárín wọn kọjá, tó ń tẹ̀ lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ìlà náà, wọ́n sì gbọ́ pé iye àwọn aláìsàn ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò sábà ṣàlàyé fún wọn bí ìlà ọ̀hún ṣe débẹ̀, tàbí ìdí tí onímọ̀ méjì fi lè lo iye kan náà kí ìlà tí wọ́n fà má sì bára mu. Mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Dípò kí n lo àrùn tí ìròyìn rẹ̀ ṣì ń yí padà, màá lo ọ̀rọ̀ kan tí a ti mọ ibi tó já sí, kí a lè fi ohun tí ìlà sọ wé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ náà ni iye ènìyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ìjọba wọn ti ń kà ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá láti ọdún 1790.

## Kí ni ìbísí onílọ́po?

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìbísí onílọ́po kò ju kí nǹkan máa yára pọ̀ sí i lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ń bí sí i lọ́nà onílọ́po nígbà tí ohun tó ń kún un lásìkò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìdá kan náà nínú iye tó wà nílẹ̀ lásìkò yẹn. Bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn bá ń kún ìlú kan ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìbísí yẹn kì í ṣe onílọ́po, nítorí ohun tó ń kún un kò yí padà; ìlà gbọọrọ ni yóò fà lórí gíráàfù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kún un, àfikún náà fúnra rẹ̀ yóò máa tóbi sí i, nítorí pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà yóò di ara àwọn tí a ó tún ṣírò ìdá 35 lé lórí. Èyí ni ó mú kí ìlà náà tẹ̀. Ìbísí onílọ́po lè falẹ̀ gan-an: ìlú tó ń fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún ń bí sí i lọ́nà onílọ́po bákan náà.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ ní fọ́múlà nìyí:

```
P(t) = P0 * exp(r * t)
```

`P(t)` ni iye ènìyàn ní àsìkò `t`. `P0` ni iye tí ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. `r` ni bí ó ṣe ń yára bí sí i. Bí `r` bá jẹ́ 0.03, a lè ka á sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. `exp` jẹ́ ìṣírò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀, òun ló sì ń sọ ìbísí díẹ̀díẹ̀ di ìlọ́po. Nínú gbogbo èyí, ohun méjì péré ni a kò mọ̀, ìyẹn `P0` àti `r`. Gbogbo iṣẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju pé kí a wá iye méjì yìí, kí ìlà tí wọ́n bá fà sì sún mọ́ àwọn iye tí a kà tó bí ó ti lè ṣeé ṣe.

## Báwo ni a ṣe mọ̀ pé irú ìlà yìí yẹ dátà wa?

Kí a tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí a wo àwọn iye náà dáadáa. Ètò ìkànìyàn ọdún 1790 rí mílíọ̀nù 3.93 ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, iye náà di mílíọ̀nù 5.31, 7.24, 9.64, 12.87, 17.07 àti 23.19, títí ó fi dé mílíọ̀nù 31.44 ní ọdún 1860.

Bí a bá wo àfikún nìkan, a ó rí mílíọ̀nù 1.38 ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ àti mílíọ̀nù 8.25 ní ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn, a ó sì rò pé ohun ńlá kan ló ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìdá tí àfikún kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú iye tó wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àkọ́kọ́, èkejì jẹ́ 36, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ 33 lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì tó kẹ́yìn sì jẹ́ 36 lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún àádọ́rin ọdún, ìdá yìí kò kúrò láàárín 33 sí 36. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju bébà àti bírò lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fo ó, nítorí pé bí ìdá náà bá ń wálẹ̀ ṣáá, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè sọ ìlà onílọ́po di ìlà tó yẹ.

## Kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tó ń wá ìlà náà?

Kọ̀ǹpútà ń fojú bù ú, ó ń wo bí àṣìṣe rẹ̀ ti tóbi tó, ó sì ń tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra wa. A ó ka ọdún 1790 sí òdo, nítorí náà ọdún 1860 yóò jẹ́ 70. Ká ní a fojú bù ú pé `P0` jẹ́ mílíọ̀nù 4, `r` sì jẹ́ 0.02. Fọ́múlà yóò sọ fún wa pé mílíọ̀nù 16.2 ènìyàn ló yẹ kó wà ní ọdún 1860, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 31.4 ni wọ́n kà. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ mílíọ̀nù 15.2.

Irú àlàfo báyìí wà fún ọdún ìkànìyàn kọ̀ọ̀kan, àwọn kan lókè ìlà, àwọn kan nísàlẹ̀ rẹ̀. A kò lè kàn ro wọ́n pọ̀, nítorí pé èyí tó wà lókè yóò pa èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, a ó mú àlàfo kọ̀ọ̀kan, a ó fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ kí gbogbo wọn lè di iye tó ju òdo lọ, a ó sì wá ro wọ́n pọ̀. Fún ìfojúbù wa yìí, àpapọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 391. Bí a bá fi `P0` sílẹ̀ ní 4, tí a sì gbé `r` lọ sí 0.03, ìlà yóò sọ pé mílíọ̀nù 32.7 ló wà ní ọdún 1860, àpapọ̀ náà yóò sì já wálẹ̀ láti 391 sí nǹkan bí 3.5. A ti ń sún mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà yóò máa tún iye méjèèjì ṣe báyìí títí tí àpapọ̀ náà kò fi ní lè wálẹ̀ mọ́. Ibi tí yóò dúró sí ni `P0` tó jẹ́ mílíọ̀nù 3.92 àti `r` tó jẹ́ 0.0297, níbi tí àpapọ̀ náà kò ti ju nǹkan bí 0.10 lọ. Bí a bá fi `r` yìí pín 0.693, a ó rí i pé iye ènìyàn náà ń di ìlọ́po méjì ní ọdún mẹ́tàlélógún àti oṣù mélòó kan.

Ìdí tó fi ní láti jẹ́ ìfojúbù ni pé `r` wà nínú `exp`. Bí ó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ ni à ń wá, ìṣírò kan ṣoṣo yóò gbé ìdáhùn jáde lójú ẹsẹ̀. Fún ìlà tó tẹ̀ báyìí, kò sí irú ìṣírò bẹ́ẹ̀, àfi kí a máa wá a kiri.

## Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi máa ń sọ pé òun kò rí ìdáhùn?

Wíwá ìlà yìí dà bí ẹni tó ń yí bọ́tìnì rédíò láti wá ilé iṣẹ́ kan. Bí ó bá ti wà nítòsí rẹ̀, yóò máa gbọ́ ohùn díẹ̀díẹ̀, yóò sì mọ ìhà tó yẹ kó yí i sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jìnnà réré, ariwo lásán ni yóò máa gbọ́, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún un bóyá apá ọ̀tún ni tàbí apá òsì. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe nílò ìfojúbù àkọ́kọ́ tó bọ́gbọ́n mu.

Ohun tó sábà máa ń fa wàhálà ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà kọ ọdún bí ó ṣe wà nínú ìwé, ìyẹn 1790, 1800, 1810, dípò kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. `curve_fit`, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò fún iṣẹ́ yìí, máa ń fi 1 bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo iye tí a kò bá sọ ìfojúbù rẹ̀. Bí `r` bá wá jẹ́ 1, tí `t` sì jẹ́ 1790, `exp(1790)` tóbi ju ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà sínú irú iye tó ń lò lọ. Ìkìlọ̀ `overflow encountered in exp` ni yóò jáde, ohun tó bá sì tẹ̀ lé e kò ṣeé gbára lé. Oògùn rẹ̀ kò le: kí a ka ọdún láti òdo, kí a fi iye tí a kọ́kọ́ kà ṣe ìfojúbù `P0`, kí a sì fi ìdá tí a ti ṣírò lórí bébà ṣe ìfojúbù `r`. Ìdá 35 ní ọdún mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.03 lọ́dún, ibẹ̀ sì sún mọ́ ìdáhùn gan-an.

## Kí ló mú kí onímọ̀ méjì rí ìdáhùn méjì?

Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ ń gbà, ìyẹn ni pé kí a kọ́kọ́ ṣírò lọ́gárídímù àwọn iye náà. Lọ́gárídímù máa ń sọ ìlà onílọ́po di ìlà gbọọrọ, ìlà gbọọrọ sì rọrùn láti fà. Nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún dátà wa, `P0` yóò jẹ́ 3.96, `r` yóò sì jẹ́ 0.0295. Ó súnmọ́ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú méjèèjì. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kà sí àlàfo ni kò dọ́gba. Ẹ wò ó báyìí: ká ní ìlà náà fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tàsé ní ọdún 1790, mílíọ̀nù 0.2 ni ìyẹn. Bí ó bá fi ìdá márùn-ún kan náà tàsé ní ọdún 1860, mílíọ̀nù 1.6 ni, nítorí pé iye ènìyàn ti di ìlọ́po mẹ́jọ. Nígbà tí a bá sì fi ara wọn sọ wọ́n di púpọ̀, ti ọdún 1860 yóò jẹ́ ìlọ́po 64 ti ọdún 1790. Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, nígbà náà, àwọn ọdún tó kẹ́yìn ni ohùn wọn lágbára jù, kọ̀ǹpútà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ti àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà lọ́gárídímù ní tirẹ̀ ń ka ìdá márùn-ún sí ìdá márùn-ún, ìgbà yòówù kó jẹ́.

Nínú ètò ìkànìyàn tí a ṣe dáadáa, ìyàtọ̀ yìí kéré. Nínú ìròyìn àrùn, ó lè tóbi púpọ̀. Àbájáde àyẹ̀wò máa ń pẹ́ kó tó dé, nítorí náà iye tí a kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kẹ́yìn sábà máa ń kéré ju òtítọ́ lọ. Bí a bá wá lo ọ̀nà tó ń gbọ́ ti àwọn ọjọ́ tó kẹ́yìn jù lọ, ìlà yóò tẹ̀ sílẹ̀, a ó sì kéde pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí a yọ àwọn ọjọ́ tí ìròyìn wọn kò tíì pé kúrò kí a tó fa ìlà kankan. Bákan náà, iye àwọn aláìsàn tuntun lójoojúmọ́ ló yẹ kí a lò, kì í ṣe àpapọ̀ gbogbo àwọn tó ti ṣàìsàn látìbẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ máa ń gbé àṣìṣe àná kún ti òní, ó máa ń mú kí ìlà dán lójú, kọ̀ǹpútà yóò sì fọwọ́ sọ̀yà ju bó ti yẹ lọ.

## Kí ni ìtumọ̀ ìdánilójú tí kọ̀ǹpútà ń fún wa?

Kọ̀ǹpútà kì í fún wa ní `r` nìkan. Ó tún máa ń sọ ààlà tó gbà pé `r` wà nínú rẹ̀. Fún dátà wa, ààlà náà jẹ́ láti nǹkan bí 0.0292 dé 0.0301, ààlà tó há gan-an. Bí a bá na ìlà náà dé ọdún 1910, yóò sọ pé mílíọ̀nù 138 ènìyàn ni yóò wà níbẹ̀, yóò sì gbà pé iye náà kò ní kéré ju bí 134 lọ, kò sì ní ju bí 142 lọ. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní ọdún 1910, mílíọ̀nù 92.2 ni wọ́n rí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó sì ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i nínú ìròyìn. Ààlà tí kọ̀ǹpútà fún wa kò dáhùn ìbéèrè nípa ọjọ́ iwájú. Ohun tó ń sọ ni pé *bí* ìbísí yìí bá jẹ́ onílọ́po nítòótọ́, *tí* `r` kò sì yí padà, ibí yìí ni `r` wà. Kọ̀ǹpútà kò yẹ "bí" yẹn wò rárá.

Ohun tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń yí padà kí ọdún 1860 tó dé. Iye ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí ní Amẹ́ríkà ti ń dínkù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1840 sí 1860, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ṣí wọlé láti Áyálándì àti Jámánì, wọ́n sì dí àlàfo tí àìbímọ-púpọ̀ ìbá fi hàn. Ohun méjì tó ń lọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló para pọ̀ di ìdá kan tó dà bíi pé kò yẹ̀. Ìlà kò lè rí èyí, nítorí àpapọ̀ nìkan ni a fi hàn án. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1861 wá tẹ̀ lé e, ètò ìkànìyàn ọdún 1870 pàápàá kò sì ka gbogbo ènìyàn tó wà ní apá gúúsù.

## Báwo ni a ṣe lè tètè mọ̀ pé ìlà náà kò yẹ mọ́?

A kì í dúró di ọdún 1910. Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí a fa ìlà pẹ̀lú apá kan dátà, kí a sì fi apá tó kù dán an wò. Ìlà wa sọ pé mílíọ̀nù 42.1 ni yóò wà ní 1870. Wọ́n ka 38.6. Ó sọ pé 56.7 ni yóò wà ní 1880. Wọ́n ka 50.2. Àlàfo méjèèjì wà ní ìhà kan náà, èkejì sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àlàfo tó bá wá láti inú àṣìṣe ìkànìyàn lásán yóò máa bọ́ sókè, yóò máa bọ́ sísàlẹ̀, láìsí ètò. Nígbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní ìhà kan, tí wọ́n sì ń fẹ̀ sí i, ìlà náà ni kò yẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú fi gbogbo dátà láti 1790 dé 1910 fa ìlà onílọ́po tuntun. A lè ṣe é, ìlà yóò sì jáde, ṣùgbọ́n yóò ga ju iye tí wọ́n kà ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, yóò rẹlẹ̀ jù ú lọ ní àwọn ọdún bíi 1880 àti 1890, yóò sì tún ga jù ú lọ ní 1910. Ètò àlàfo bẹ́ẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, lókè, kò jẹ́ ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Bí a bá padà sórí bébà wa, a ó rí ìdí rẹ̀: àfikún ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá tó jẹ́ ìdá 33 sí 36 tẹ́lẹ̀ ti di 21 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ọdún 1900 fi dé.

## Ṣé ìlà mìíràn wà tó sàn jù ú lọ?

Ó wà. Ní ọdún 1838, Pierre-François Verhulst, onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀mù, gbé fọ́múlà kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ bí ìlà onílọ́po, ṣùgbọ́n tí ìbísí rẹ̀ ń falẹ̀ bí iye náà ṣe ń sún mọ́ òkè kan tí kò lè kọjá. Iye mẹ́ta ni a ní láti wá fún un, nítorí pé òkè náà kún `P0` àti `r`. Ní ọdún 1920, onímọ̀ méjì ará Amẹ́ríkà, Raymond Pearl àti Lowell Reed, lo irú ìlà yìí fún ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà láti 1790 dé 1910. Ó bá dátà náà mu dáadáa, wọ́n sì ṣírò òkè náà sí mílíọ̀nù 197.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìlà wọn fi ọdún 1914 ṣe ìgbà tí iye ènìyàn yóò dé ìdajì òkè náà. Gbogbo iye tí wọ́n ní lọ́wọ́ ló wà lábẹ́ ìdajì yẹn, nítorí náà kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó rí ibi tí òkè wà. Láti inú bí ìbísí ṣe ń falẹ̀ ni wọ́n ti fà á yọ. Àwọn tó ń ṣírò àrùn máa ń kan ìṣòro kan náà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iye ènìyàn tí àjàkálẹ̀ kan yóò mú kó tó parí, nítorí pé òkè púpọ̀ tó yàtọ̀ síra gan-an lè bá ìbẹ̀rẹ̀ kan náà mu. Ètò ìkànìyàn ọdún 1970 rí mílíọ̀nù 203 ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ti ọdún 2020 rí mílíọ̀nù 331, ní ọdún tí ìlà onílọ́po tí a fà láti inú dátà 1790 sí 1860 ìbá ti sọ pé bílíọ̀nù 3.6 ni.